Ìlà Tí Pẹ́ńsù Mi Fò

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òṣogbo. N kò ní dárúkọ ẹ̀ka tí mo wà, nítorí pé ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ẹ̀ka náà. Tèmi ni. Ètò ìsúná ni iṣẹ́ wa: iye tí a rò pé yóò wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Àwọn ọ̀gá ló ń ro ìṣirò. Ojúṣe mi ni kí òǹkà tí mo bá tẹ̀ bá èyí tí wọ́n fún mi mu láìyẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ òǹkà kan náà lọ́dọọdún, bó pẹ́ bó yá, yóò mọ ọ̀nà tí owó ń gbà. Epo rọ̀bì ni ohun tí orílẹ̀-èdè wa ń tà jù fún òkèèrè. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Àbújá yóò ṣẹ́ dọ́là náà sí náírà, wọn yóò pín in, ìpín tiwa yóò sì wá sí Òṣogbo. Ìdí nìyí tí a kì í fi bẹ̀rẹ̀ ìwé wa títí Àbújá yóò fi sọ nǹkan mẹ́ta fún wa: iye tí wọ́n rò pé àgbá epo kan yóò máa tà, iye àgbá tí wọ́n rò pé wọn yóò máa fà lójúmọ́, àti iye náírà tí wọ́n rò pé dọ́là kan yóò jẹ́. Wọ́n rò ni o. Kò sí ẹni tó ní àṣẹ lórí iye tí epo ń tà ní òkèèrè.

Mo mọ bí ó ti ń dun ni tí èrò yẹn bá kùnà. Ọdún kan wà tí epo já wálẹ̀ débi pé ààbọ̀ owó oṣù ni a ń gbà ní Ọ̀ṣun. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Òkè Baálẹ̀ mọ ọ̀ràn náà ju redíò lọ. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, yóò gbé kóńgò sókè, yóò ní, "Ará ọ́fíìsì, ṣé ẹ̀kún rẹ́rẹ́ ni àbí ti owó oṣù?" Gbogbo ìsọ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n óò ra ààbọ̀ kóńgò.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò jọ ti ìṣáájú. Dọ́là tí ń wọlé kò tó ohun tí a ń fi í rà ní òkèèrè mọ́. Àbújá di náírà mú fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní iye báyìí ni dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni ti ọjà dúdú ń sá síwájú lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, náírà sì já. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé owó tí ń bọ̀ láti Àbújá kò dín. Ṣe ló pọ̀ sí i, nítorí pé dọ́là kan náà ti ń bí náírà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan wà tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, aláwàdà ni. Ọjọ́ tí ìwé ìpín wa dé, ó dìde, ó ju fìlà sókè.

"Mọ́mì, a ti lówó o! Epo ti ṣe ọkọ fún wa!"

Mo ní, "Ẹ ti ra àpò ìrẹsì lóṣù yìí?"

"Ẹ má bà mí láyọ̀ jẹ́. Ṣé mo pe ìrẹsì sí ọ̀rọ̀ yìí ni?"

Inú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọ́fíìsì wa kì í kọ ìwé ìsúná láti ilẹ̀. Ti èṣí ni a ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, a óò fi orúkọ ọdún tuntun pa á mọ́, a óò sì máa yí òǹkà ibẹ̀ padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìlà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn yóò dúró bí ó ti wà léṣìí, kò sì ní dá yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà ni mo ṣe ní àṣà kan tí àwọn ọmọ ọ́fíìsì fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń tẹ ti èṣí jáde sórí ìwé, bí mo bá sì ti yí ìlà kan padà, n óò fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Tí gbogbo ìlà bá ti lámì, iṣẹ́ parí.

Lọ́dún yẹn, iye tuntun tí Àbújá fún wa fún dọ́là fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú ìwé èṣí. Mo fi tún gbogbo ìlà owó tó ń wọlé ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi pè mí pé kí n wá tẹ ọ̀rọ̀ tí gómìnà yóò kà. Nígbà tí mo padà dé orí ìjókòó mi, abala owó tó ń jáde ni mo mú. Abala gbèsè wà láàárín méjèèjì, ojú ìwé kan péré ni. Ìjọba ti yá owó lókèèrè nígbà kan fún omi àti fún ilé ìwòsàn, dọ́là ni a sì ń fi san án. Ṣùgbọ́n náírà ni a máa ń kọ nínú ìwé wa, kò sí àmì dọ́là kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò ta ni lólobó. Mo fò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Mo fi iye dọ́là tuntun ka owó tó ń bọ̀ wá sílé, mo sì fi ti àtijọ́ ka gbèsè tí a fẹ́ san. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó ṣẹ́ kù. Inú ọ̀gá mi dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àyè láti gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sí àwọn ilé ìwòsàn kékeré. Ó nawọ́ sí àṣẹ́kù náà, ó ní, "Madam, ẹ kọ wọ́n síbẹ̀. Ọlọ́run ti pèsè." Mo kọ wọ́n síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kérésìmesì, nígbà tí ìwé náà ti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mò ń di ìwé èṣí lókùn láti gbé e sínú àpótí. Mo rí ojú ìwé kan tí kò ní àmì pẹ́ńsù kankan. Mo jókòó. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀yìn àpòòwé. Àṣẹ́kù tí a rò pé a ní kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá mi wà nínú yàrá rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti tábìlì mi dé ibẹ̀. Kò sì tíì pẹ́ jù, a ṣì lè kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin. Mo di ìwé náà, mo gbé e sínú àpótí, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkíní, ojú ń tì mí. Èmi tí wọ́n ń fi ìpéye júwe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́! Ìkejì ni Nọ́ọ̀sì.

Alábàágbé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó ni Nọ́ọ̀sì. Bí gbogbo ilé ṣe ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé ó jẹ́. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Iléṣà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Yóò gun ọ̀kadà jáde ní ìdájí lọ sí Old Garage, yóò wọ ọkọ̀ Iléṣà, àwọn ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ mi títí yóò fi dé. Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lọ kò jìnnà sí ilé wa. Ó ti kọ lẹ́tà, ó ti ṣe ìdánwò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìlà tí wọn yóò kọ́kọ́ fagi lé ni tirẹ̀.

Mo wá rí àwáwí kan tó dára. Bí epo bá tà ju iye tí a fojú díwọ̀n lọ, owó tó lé tí yóò tibẹ̀ wá yóò bo ihò tí mo dá sílẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé iye epo. N óò ti tan redíò kí n tó fọ ẹnu. Lóṣù kìíní, epo gòkè. Ó gòkè ju iye ìwé wa lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni tó gbọ́ àdúrà nínú ìjọ.

Wọ́n yọ owó gbèsè náà ní Àbújá kí ìpín wa tó dé, bí wọ́n ti máa ń ṣe lóṣooṣù. Ohun tí wọ́n yọ pọ̀ ju ohun tí a kọ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nítorí pé epo tà, iye tó kù tí a gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti inú ìwé mu, kò sì sí ẹni tó béèrè. Bí ọbẹ̀ bá ti dùn, ta ló ń ka iyọ̀ inú rẹ̀?

Ìgbà tó fi máa di oṣù kẹta, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ Nọ́ọ̀sì dé. Ó gbé e wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ inú wọn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀gá mi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀."

"Rárá, mo mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé ṣé yóò dúró? Dókítà mi kì í gba ènìyàn padà. Tí mo bá jáde, mo jáde nìyẹn. Ìjọba ló sì san ààbọ̀ owó oṣù nígbà kan tí ìyá mi fi ta ilẹ̀."

Ó ń wò mí lójú. Aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni mò ń sá.

Mo ní, "Ó wà nínú ìwé ìsúná. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn méjèèjì. Ó fò mọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yẹn rọ. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́sẹ̀ yẹn.

Lóṣù kẹrin, epo já. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló gbà á láti bọ́ sí ìsàlẹ̀ iye tí Àbújá fún wa, kò sì dìde mọ́. Ó ń tó nǹkan bí oṣù méjì kí ohun tó ṣe epo tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé wọn yóò tà á, wọn yóò gba owó, wọn yóò ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n tó pín in. Nítorí náà mo mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí Nọ́ọ̀sì ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun tó gún régé, tó ń padà wálé kí oòrùn tó wọ̀, tí àwọn ọmọ ń sá pàdé rẹ̀, èmi ń ka oṣù.

Nígbà tí ohun náà dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣòro méjì ló papọ̀. Owó epo dín, iye dọ́là tí a fi ń san gbèsè kò sì dín. Ohun tó kù kò tó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti tuntun. Ọ̀gá mi mú ìwé Àbújá àti ìwé tiwa wá sórí tábìlì mi.

"Madam, ẹ bá mi wo gbèsè yìí. Kí ló dé tí tiwọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ méjì tiwa?"

Mo ṣí àpótí, mo tú okùn, mo gbé ojú ìwé tí kò lámì síwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ó yé e.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nígbà wo lẹ rí i?"

"Kí Kérésì tó dé, sà."

"Kí Kérésì tó dé." Ó gbé awò náà lé orí ìwé. "Àwa tí a ń ṣèṣirò ò rí i, ẹ ò dá jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ nígbà náà, n kì bá ti pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbi tí wọ́n wà."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ẹjọ́ mi sínú fáìlì, wọ́n sì dá ìgbéga mi dúró. Èyí kò dùn mí. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló dùn mí, nítorí pé èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́: kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tuntun lọ jókòó sílé ná, títí owó yóò fi túbọ̀ wọlé. N kò fo ìlà kankan nínú rẹ̀.

Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gé ilá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pẹ́ńsù dé orí redíò àràárọ̀. Ó ń gé ilá lọ títí tó fi tán, ó sì ń gbá ọ̀bẹ lórí pákó lásán.

"Ẹ mọ̀ nígbà tí mo gbé lẹ́tà wá?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń sá aṣọ lọ."

"Mo rò pé epo yóò gbé e. Mo fẹ́ kí o wà nítòsí àwọn ọmọ."

"Àǹtí, ẹ fi oúnjẹ ẹnu mi ta tẹ́tẹ́." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó dáa. Lọ́la, ẹ óò bá mi lọ sí Iléṣà. Ẹ óò sọ fún Dókítà pé ẹ̀yin lẹ ṣì mí lọ́nà. Ẹ má fi ẹnu kékeré sọ ọ́ o."

Dókítà náà ti ń dàgbà, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. Ó fi ẹ̀ka èdè wọn kí Nọ́ọ̀sì, ó sì fi ti Òṣogbo kí mi. Kò sí ọ̀pọ̀ aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ ohun tí mo bá wá, mo pe ara mi ní ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn tó ń wá síbí, kòkó ni wọ́n ń tà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kòkó wọ́n tí dọ́là náà sì wọ́n, wọ́n ń fi àpò owó san owó ìwòsàn. Wọ́n ń ra ọ̀kadà bí ẹni ra àkàrà. Ní báyìí, kòkó ti ń rẹlẹ̀, wọ́n ń fi ewé tọ́jú ibà nínú oko. Oògùn tí mò ń rà láti òkèèrè kò sì rẹlẹ̀." Ó kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Mo ti fi ọmọ tí o kọ́ sí ipò rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ dáa. Mo lè wá àyè fún ọ."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀.

"Dìde. Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyáàfin." Ó wò mí. "Ẹ̀yin wà níbi tí owó ń gbà wọlé. Lẹ́tà sọ pé kí wọ́n jókòó sílé ná. Bí mo bá gbà á, tí mo ní kí ọmọ tó rọ́pò rẹ̀ máa lọ, ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba kò ní pè é padà láàárín oṣù díẹ̀, tí yóò tún fi mí sílẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: rárá, wọn kò ní pè é mọ́. Kò sí ẹni tí yóò mú mi sí i. Ṣùgbọ́n epo lè gòkè lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá gòkè, wọn yóò pè wọ́n, ọmọ tó rọ́pò rẹ̀ tí Dókítà sì lé jáde nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi yóò ti wà nílé, bí Nọ́ọ̀sì ti wà nílé yìí.

Mo ní, "N kò mọ̀, sà. N kò lè sọ̀yà."

Dókítà mi orí. Ó ní òun kò ní lè lé ẹnikẹ́ni jáde nígbà náà. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì máa wá lọ́jọ́ tí ènìyàn bá dín, òun yóò máa san owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un.

Nígbà tí a jáde sí òpópónà, Nọ́ọ̀sì kò sọkún. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ìgbà tí òtítọ́ ìbá gbà mí, ẹ gbé e pamọ́ sínú àpótí. Ìgbà tí irọ́ kékeré kan ìbá fún mi níṣẹ́, ẹ wá di olóòótọ́."

Mo ṣì gbà pé ohun tí mo sọ fún Dókítà ló tọ́. Mo sì mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì ló san owó rẹ̀.

A wọ ọkọ̀ kan náà padà sí Òṣogbo. Èmi jókòó níwájú, òun wà lẹ́yìn. Ní Old Garage, mo dúró dè é kí a lè jọ gun ọ̀kadà, bí a ti máa ń ṣe láti dín owó kù. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó sì gùn ún lọ. Mo pe òmíràn, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé kan náà.